Ohun Tó Yẹ Kó Wà Nínú Fídíò Kékeré Tí Ẹ Fẹ́ Fi Polówó Ilé Fúláàtì Tuntun

Ẹ ti rí irú fídíò yìí rí. Ilẹ̀kùn ṣí, ògiri funfun, táìlì tó ń dán, ògiri funfun mìíràn, ilé ìdáná, ògiri funfun, orin sì ń dún lábẹ́ gbogbo ẹ̀. Nígbà tó bá parí, ẹni tó wò ó ò lè sọ bóyá ibùsùn òun máa wọ yàrá náà. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀gbẹ́ pálọ̀ ni ilé ìdáná wà tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò mọ ohun tí fèrèsé kọjú sí. Ó wo ilé títí, kò rí ilé.

Ẹni tó yà á kọ́ ló ṣọ̀lẹ. Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ parí máa ń ṣófo ni, yàrá tó ṣófo kì í sì í jẹ́ kí ojú mọ bó ṣe tóbi tó, nítorí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí ojú lè fi wọ̀n ọ́n. Nítorí náà, kí ẹ tó ronú lórí orin tàbí kámẹ́rà, ẹ kọ́kọ́ yan ohun tí fídíò máa fi hàn. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níbí, mo sì máa fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ: ilé alájà 3, fúláàtì 12, oníyàrá kan 6, oníyàrá méjì 6, kò tíì sí ẹnì kankan tó kó wọlé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ tẹ̀ lé àwọn tó wá wo ilé, ẹ má mú kámẹ́rà dání

Ẹ jẹ́ kí èèyàn 5 tàbí 6 wá wo ilé náà ná, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan fún wọn. Ohun tí ọwọ́ wọn bá ń ṣe ni kí ẹ máa kọ sílẹ̀. Ẹnì kan máa ṣí ẹ̀rọ omi, á sì dúró wò ó. Òmíràn máa ti ilẹ̀kùn yàrá títí á fi kan ògiri, kó lè mọ ibi tó ń dé. Obìnrin kan tí mo tẹ̀ lé rí dúró láàárín yàrá, ó na apá méjèèjì, ó ń yí díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ibùsùn máa wà ló ń wọ̀n. Kò béèrè ọ̀rọ̀ kankan lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ìbéèrè ni ohun tó ń ṣe yẹn.

Ní ilé fúláàtì 12 yẹn, ohun tó jáde nínú ìwé mi kò pọ̀. Ṣé ibùsùn ńlá máa gba inú yàrá kékeré? Ṣé omi ń dé àjà kẹta dáadáa? Ṣé a máa ń gbọ́ ariwo títì? Ibo la máa gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ sí? Àwọn ìyókù ń béèrè owó, ìwọ̀n ilé, àti àwọ̀ táìlì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Èyí tí fọ́tò lè dáhùn, bíi àwọ̀ táìlì tàbí irú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní ilé ìdáná, ẹ fi fọ́tò dáhùn ún. Èyí tí àkọsílẹ̀ lè dáhùn, bí iye owó àti ìwọ̀n ilé, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fídíò. Èyí tó kù ni ti fídíò: ohun tó ń lọ tó ń bọ̀, ohun tó ń dún, ohun tó ń gba àkókò, àti bí inú ilé ṣe so pọ̀ mọ́ra wọn. Ìbéèrè kan, fídíò kan. Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn mẹ́rin nínú ìṣẹ́jú kan kò ní dáhùn ìkankan.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú fúláàtì tí ẹ máa yà

Fúláàtì igun tó wà lókè pátápátá, tó ní fèrèsé lọ́tùn-ún lósì, ni gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ yà. Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan tàbí méjì ló máa ń wà nínú odindi ilé, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ tà. Bí ẹ bá fi òun nìkan polówó, ẹni tó bá wá nítorí rẹ̀ máa bá fúláàtì àárín, tí fèrèsé rẹ̀ wà lápá kan ṣoṣo, á sì rò pé ẹ rẹ́ òun jẹ.

Irú èyí tó pọ̀ jù tó sì ṣì wà nílẹ̀ ni kí ẹ yà. Kí ẹ kọ ọ́ sójú fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀: «Oníyàrá méjì, àjà kejì, fèrèsé pálọ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn.» Ọ̀rọ̀ ìlà-oòrùn yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Pálọ̀ tó kọjú sí ìlà-oòrùn máa ń mọ́lẹ̀ yòò láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ á rọ̀. Èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn máa ń gba oòrùn ìrọ̀lẹ́, ìyẹn tó máa ń mú kí yàrá gbóná kó tó di alẹ́. Ẹ kọ aago tí ẹ yà á síbẹ̀, kí ẹni tó ń wò ó mọ irú ìmọ́lẹ̀ tó ń rí. Bí fúláàtì ìsàlẹ̀ bá ṣókùnkùn ju ti òkè lọ, ẹ ya tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí kò fẹ́ gun àtẹ̀gùn máa gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fún yàrá ní ohun tí ojú máa fi wọ̀n ọ́n

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, nítorí ìbéèrè ibùsùn ló máa ń jáde nínú ìwé àwọn tó wá wo ilé ní gbogbo ìgbà.

Yàrá kékeré inú fúláàtì oníyàrá méjì tí mò ń sọ yìí jẹ́ mítà 3.0 ní ìbú, mítà 3.3 ní gígùn. Lórí fọ́tò, ó dà bí àpótí. A ra téèpù alẹ̀mọ́ aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí àwọn akunlé máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí ọ̀dà má bàa ta sí i, nítorí kì í fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀ lórí táìlì bí a bá tètè ṣí i kúrò. A fi ya ibùsùn sílẹ̀ ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, mítà 1.5 ní ìbú, mítà 2.0 ní gígùn, orí rẹ̀ sí àárín ògiri tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Lọ́tùn-ún lósì, ó ku sẹ̀ǹtímítà 75 níbì kọ̀ọ̀kan, tó tó kí èèyàn dúró tẹ́ ibùsùn. Níbi ẹsẹ̀, ó ku mítà 1.3 sí ògiri ilẹ̀kùn. A ya kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ náà síbẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 60 ní jíjìn: ọ̀nà tó ṣẹ́ kù láàárín rẹ̀ àti ibùsùn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 70. Èèyàn kan máa kọjá, méjì kò ní lè pàdé níbẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80, ń ṣí wọlé, ó sì ku sẹ̀ǹtímítà 50 kó tó kan ẹsẹ̀ ibùsùn.

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan wọlé, ó ti ilẹ̀kùn dé òpin, ó gba ọ̀nà 70 yẹn kọjá, ó yí ibùsùn po, ó sì dúró nídìí fèrèsé. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá 12 lọ. Kò sí ẹni tó wo ibi yìí tó tún béèrè bí yàrá ṣe tóbi tó. Ẹ̀yin náà lè lo ibùsùn gidi bó bá wà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn téèpù jù. Ó rọrùn, kì í fi ohun tí kò bá ilé wá tan ẹnikẹ́ni, ìwọ̀n tí ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì máa ń hàn ketekete.

Ẹ̀tàn tó pọ̀ jù máa ń wá látinú lẹ́ǹsì. Lójú fóònù, ẹ máa rí `0.5×` àti `1×`. Èyí àkọ́kọ́ máa ń kó gbogbo yàrá sínú àwòrán, ṣùgbọ́n ó ń fa ẹ̀gbẹ́ gùn, ó ń ti ògiri iwájú sẹ́yìn, ilẹ̀kùn tó bá wà légbèégbè á sì dà bí ẹni pé ó fẹ́ ṣubú. Mo lò ó rí fún yàrá kan. Ẹni tó wá wò ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, «Yàrá ńlá tí mo rí ńkọ́?» Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Irọ́ tí lẹ́ǹsì bá pa kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà náà, `1×` ni mò ń lò. Bí bálùwẹ̀ bá kéré jù, ẹ bọ́ síta, kí ẹ yà á láti ẹnu ilẹ̀kùn.

Ẹ gbé fóònù sí nǹkan bíi mítà 1.2 sí ilẹ̀, kó dúró ṣánṣán, kó má tẹ̀ síwájú. Bí ẹ bá gbé e sókè bí orí tí ẹ sì dojú ẹ̀ kọlẹ̀, ògiri méjèèjì á dà bíi pé wọ́n ń súnmọ́ra wọn nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Rírìn kan tí ẹ kò gé

Fídíò kan wà tí gbogbo ilé fúláàtì nílò: ìrìn láti ẹnu ọ̀nà àbáwọlé dé yàrá tó jìnnà jù, láìgé e rárá. Bí ẹ bá gé e, tí ẹ fi pálọ̀ síbí, ilé ìdáná sọ́hùn-ún, ẹni tó ń wò ó kò ní mọ bí wọ́n ṣe so pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìrìn kan, ara rẹ̀ á mọ̀ pé ilé ìdáná wà lọ́wọ́ òsì gẹ́rẹ́ tó bá wọlé, àti pé láti ibẹ̀ kò dìgbà tó bá la pálọ̀ kọjá kó tó dé bálùwẹ̀.

Kí ẹ tó rìn, ẹ dúró ìṣẹ́jú àáyá 2. Ẹ rọra máa rìn, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí ẹ má yí fóònù kíá. Ní ibi tí ọ̀nà bá ti yà, ẹ dúró, ẹ yí lọ sápá kan, ẹ padà. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ ṣáájú, nítorí ọwọ́ tó ń wá ìdìmú ilẹ̀kùn ló máa ń jẹ́ kí àwòrán gbọ̀n.

Iná lè dà yín láàmú níbí. Bí ìlà dúdú bá ń sáré lójú fídíò, iná mànàmáná àti kámẹ́rà ni kò bára wọn mu. Níbi tí iná bá jẹ́ ti 50 Hz, ẹ gbé ìyára kámẹ́rà sí `1/50` tàbí `1/100`. Níbi tó bá jẹ́ 60 Hz, `1/60` tàbí `1/120`. Bí fóònù yín ò bá jẹ́ kí ẹ yí i, ẹ pa iná, ẹ fi ojúmọ́ yà á. Ó sàn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, torí àwọn èèyàn fẹ́ mọ bí ilé ṣe mọ́lẹ̀ tó láìtan iná.

Ìgbésẹ̀ 5: Ohun tó ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lójú wọn

Ilé tuntun ni, kò tíì sí ẹni tó gbé ibẹ̀ rí, nítorí náà kò sí aládùúgbò tí èèyàn lè bi léèrè bóyá omi ń lọ. Fídíò yín ni aládùúgbò yẹn.

Ní ti omi, ẹ lọ sí fúláàtì tó ga jù. Ẹ gbé ìkòkò tí wọ́n sàmì lítà sí lára sábẹ́ ẹ̀rọ, kí aago fóònù kejì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tiwa kún lítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá 20, ìyẹn lítà 15 ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí a ṣí ẹ̀rọ bálùwẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, ó gba ìṣẹ́jú àáyá 27. A fi ìkejì yìí náà hàn, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ gan-an nìyẹn, nígbà tí ẹnì kan ń wẹ̀ tí ẹlòmíràn ń fọ abọ́. Ìṣẹ́jú àáyá 20 pọ̀ lójú fídíò. Ẹ lè mú un yára, ṣùgbọ́n aago yẹn gbọ́dọ̀ máa hàn kí wọ́n lè rí i pé ẹ kò yọ nǹkan kan kúrò.

Ní ti ariwo, ẹ yọ orin kúrò. Ẹ gbé fóònù lé nǹkan kan tí kò ní yẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ tì í, ẹ tún ka 5. Ẹ má bá ohùn náà ṣeré nígbà tí ẹ bá ń tò ó. Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀: ọ̀pọ̀ fóònù máa ń gbé ohùn sókè fúnra wọn nígbà tí ibi bá dákẹ́. Nítorí náà, fèrèsé tó dí ariwo dáadáa lè dà bí ẹni pé kò dí i tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa sọ̀rọ̀ ní ohùn kan náà jálẹ̀ kó má bàa rí bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ pa ètò yẹn nínú fóònù bí ó bá ṣeé pa. Kí ẹ sì yà á ní wákàtí tí títì bá kún. Ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ ìsinmi láàárọ̀ kùtùkùtù kò fi nǹkan kan hàn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ohun tí kò gbọdọ̀ hàn

Kọ́kọ́rọ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dárúkọ. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn àwòrán ọwọ́ tó di kọ́kọ́rọ́ tuntun mú lójú ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá mọṣẹ́ lè gbẹ́ irú rẹ̀ látinú àwòrán tó bá mọ́ dáadáa. Bákan náà ni nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́nu géètì, nọ́ńbà mítà iná, ibi tí kámẹ́rà ìṣọ́ kọjú sí, nọ́ńbà ọkọ̀, àti ojú ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ ń ya òun.

Ohun tí kò tíì parí náà ńkọ́? Bí lífìtì kò bá tíì ṣiṣẹ́, ẹ má ya ẹnì kan tó ń dúró síwájú rẹ̀. Bí ẹ bá mú àwòrán orí kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ilé gidi, ẹ kọ «àwòrán ni» sójú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń hàn. Àga àti tẹlifíṣọ̀n tí ẹ yá fún yíyà, ẹ kọ pé kò bá ilé wá. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ohun tí fèrèsé ń wò: bí ilẹ̀ òfìfo bá wà níwájú, tí ẹlòmíràn sì ni ín, ìwòye dáadáa yẹn lè di ògiri lọ́la. Mi ò ní kí ẹ má yà á. Ẹ má ṣáà fi ṣe ìdí tí ẹni náà máa fi sanwó.

Ẹ rìn yípo fúláàtì náà lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ yíyà: ọ̀dà tó ta sí férémù, ọ̀rá tí wọn ò tíì bó lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀kán sìmẹ́ǹtì lórí táìlì. Àti dígí bálùwẹ̀, ibi tí ẹ máa fara hàn sí pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ bí ẹ kò bá gba ẹ̀gbẹ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí a ṣe tò ó

Ìṣẹ́jú àáyá 35 ni fídíò ibùsùn wa, lóòró, `9:16`.

Láti 0 sí 3, téèpù búlúù ló hàn nílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lójú rẹ̀: «Ṣé ibùsùn mítà 1.5 sí 2.0 máa gba ibí?» Kì í ṣe iwájú ilé, kì í ṣe orúkọ ilé. Ẹni tó ń fi ìka gbá fídíò kọjá kò ní dúró wo géètì. Láti 3 sí 15, ẹni náà wọlé, ó rìn yí ibùsùn po. Láti 15 sí 24, a sún mọ́ ibi mẹ́ta tí ìwọ̀n wà: 75 lẹ́gbẹ̀ẹ́, 70 níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, 50 lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Láti 24 sí 31, a jáde sí pálọ̀ láìgé e, kí wọ́n mọ ibi tí yàrá wà nínú ilé. Ìṣẹ́jú àáyá 4 tó kù ni iwájú ilé, pẹ̀lú irú fúláàtì náà àti àjà tó wà.

Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn wà ní àárín ojú àwòrán, torí ìsàlẹ̀ àti apá ọ̀tún ni orúkọ àti bọ́tìnnì máa ń bò. Kí fídíò náà sì yéni láìsí ohùn, nítorí ọ̀pọ̀ máa ń pa ohùn tí wọ́n bá ń wò ó láàárín èrò.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ dán an wò

Ẹ fún ẹni tí kò dé ilé náà rí. Kó wò ó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gba fóònù, kí ẹ fún un ní ìwé. Kó ya fúláàtì náà: ibi àbáwọlé, ilé ìdáná, yàrá, bálùwẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí a fún ní fídíò ìrìn wa ya bálùwẹ̀ sínú yàrá ńlá, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A padà lọ, a dúró níbi ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn fún ìṣẹ́jú àáyá 2 sí i, a sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn méjèèjì hàn pọ̀. Ẹni kejì yà á bó ṣe rí.

Lẹ́yìn tí fídíò bá jáde, ẹ máa kọ ohun tí àwọn tó ń pè bá béèrè. Ní tiwa, ìbéèrè ibùsùn dá, ti ẹ̀rọ ìfọṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, òun la sì yà tẹ̀ lé e: páìpù omi, ihò ìdọ̀tí, sọ́kẹ́ẹ̀tì, àti téèpù búlúù sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60 nílẹ̀ ilé ìdáná. Nígbà tí oníyàrá méjì tó gbẹ̀yìn lọ, a yọ fídíò rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ yẹn gan-an.